Ààlà tí wọ́n fi pamọ́ sínú ìwé adójútòfò ló ń kó owó wa lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ló bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ̀gá ìjọba kan lórí rédíò tó ń sọ pé àìmọ̀kan ni kò jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà gba adójútòfò. Ó ní láti 2022 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, àmọ́ àwa la kọtí ikún sí i. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí níbí ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn èèyàn ń wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó owó wọn jáde nítorí àìsàn. Kí ọ̀gá náà gbọ́ o: púpọ̀ nínú wọn ló ní adójútòfò, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ déédéé. Ohun tí wọ́n tà fún wọn ni kò dáa.

Ẹ wo ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ oníṣẹ́ iná. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń dá owó sí ẹgbẹ́, ó sì ti ní 820,000 náírà. Ó ní adójútòfò ìlera tí aṣojú kan wá tà fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ní iwájú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn yóò ná 1,500,000 náírà lé e lórí láàárín ọdún kan. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ìyẹn tó òun. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, àpẹ́ńdíìsì ti bẹ́ sí i nínú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì dá a dúró sí wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán tòru kí wọ́n tó gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí gbogbo èèyàn ń sùn. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ 1,150,000 náírà.

Ẹni tó bá ka iwájú ìwé nìkan á ní kò séwu, 1,500,000 kúkú ju 1,150,000 lọ. Àfi ìgbà tí a ṣí inú ìwé. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tò bíi tábìlì, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti yọ awò ojú mi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ ju 250,000 lọ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀dì àti oògùn inú wọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ ju 150,000 lọ. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán tòru kò sí níbẹ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ náà san 400,000, ó ní òun ti ṣe ojúṣe òun. Ó ku 750,000. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi, a sì kó owó ọdún mẹ́jọ jáde. 70,000 ló ṣẹ́ kù.

Ibo wá ni àìmọ̀kan wà nínú ìyẹn? Ọkùnrin náà mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní adójútòfò, ó ní in. Wọ́n fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ hàn án ní iwájú ìwé, wọ́n sì fi inú ìwé gbà á padà.

Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé wọ̀nyí báyìí nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ohun tí àwọn aṣojú máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n á fún ọ ní awò ojú, wọ́n á fọ eyín rẹ, wọ́n á tọ́jú ibà rẹ. Èèyàn á sì gbà, torí ibà ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ibà kò lè kó owó ọdún mẹ́jọ lọ, owó tó wà lápò ẹni tó o. Ohun tí apá ẹni kò lè ká ni èèyàn ń torí rẹ̀ gba adójútòfò: iṣẹ́ abẹ, rọpárọsẹ̀, ìjàǹbá ọkọ̀, aboyún tí wọ́n ní láti la ikùn rẹ̀ lóru, kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí aṣojú bá gbé ìwé wá, ẹ fi iwájú ìwé sílẹ̀. Ẹ ní kó fi ojú ewé tábìlì hàn yín. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ wo ti wọ́ọ̀dù, kí ẹ wá lọ sí ọsibítù tí ẹ máa ń lò, kí ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń la ikùn aboyún, èló ni wọ́n ń ṣe àpẹ́ńdíìsì. Bí iye inú tábìlì kò bá tó ìdajì èyí tí ọsibítù dá, ìwé yẹn kò lè gbà yín. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé oṣù mélòó ni ẹ máa san owó kí wọ́n tó gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí ìgbẹ̀bí fún yín, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sanwó ìgbẹ̀bí láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ètò ìlera ti ìpínlẹ̀ sábà máa ń dín owó ju ti àwọn aládàáni lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ààlà tirẹ̀, ẹ ka tábìlì tirẹ̀ náà.

Mo tún fẹ́ sọ ti adójútòfò ẹ̀mí, torí oníṣẹ́ iná yìí kan náà ní ìyẹn pẹ̀lú. Ó ń san 15,000 náírà lóṣù fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní bó bá yè é, owó rẹ̀ á padà pẹ̀lú èlé díẹ̀, bó bá sì kú kí ọdún náà tó pé, wọ́n á fún ìyàwó rẹ̀ ní 1,800,000. Gbogbo wa la fẹ́ràn kí owó padà, òun ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀hún. Oúnjẹ, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ mẹ́ta ń gbà tó 140,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. 1,800,000 yẹn kò tó oṣù mẹ́tàlá. Ká ní ó kú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni, ọdún kan péré ni owó náà á bá wọn dé.

Oríṣi mìíràn wà tí aṣojú kì í fẹ́ dárúkọ. Èyí kì í dá owó padà bí o bá yè. Ẹ̀mí nìkan ló wà fún, fún iye ọdún tí o bá yàn. Nítorí pé kò sí ìfowópamọ́ nínú rẹ̀, owó tó ń gbà kéré gan-an sí ohun tó máa san. Mo ní kí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣírò rẹ̀ fún ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, kí wọ́n san 5,000,000 fún ìdílé rẹ̀ bó bá kú. Iye tí wọ́n dá fún mi kò tó 40,000 náírà lọ́dún. 180,000 ni oníṣẹ́ iná wa ń san lọ́dún fún ohun tí kò tó ìdajì ìyẹn. Ká ní ó gba irú èyí ni, tó sì fi nǹkan bí 140,000 tó kù kún owó adójútòfò ìlera rẹ̀, ì bá ti ní èyí tí ààlà iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ga, owó rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi ì bá sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní báyìí tí kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò rí 15,000 san mọ́, adójútòfò ẹ̀mí náà ti kú. Òfin adójútòfò kò fi ọ̀rọ̀ yẹn bò: ẹni tí kò bá sanwó kò ní ààbò. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá ni kò wá ní ààbò kankan mọ́.

Ìwà kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ fìyà jẹ ẹni tó bá hù ú. Àwọn aṣojú kan máa ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ní àwọn á bá a kọ ọ́. Tó bá dórí ìbéèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á kọ pé kò sí, kí owó má baà ga, kí wọ́n sì tètè gba ìpín tiwọn. Bí ẹni náà bá kú, ilé-iṣẹ́ á lọ tú ìwé ọsibítù, á rí i pé ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, á ní ó pa irọ́, òun kò sanwó. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ fọ́ọ̀mù yín. Ẹ kọ àìsàn yín síbẹ̀ bí owó tilẹ̀ máa ga.

Ní tèmi o, ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa gba adójútòfò fún ọmọ ẹgbẹ́ lápapọ̀. A ti ní ìwé orúkọ, a ti ń gba owó lóṣooṣù, ọmọ ẹgbẹ́ kì í sì í sá lọ. Bí èèyàn bá pọ̀ lórí ìwé kan, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí sábà máa ń gba gbogbo wọn títí dé iye kan láìsọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ ṣe àyẹ̀wò, owó orí kọ̀ọ̀kan sì máa ń dínkù. Àwa la máa jókòó sí iwájú wọn, àwa la máa sọ pé 250,000 fún iṣẹ́ abẹ kò tó, kí wọ́n gbé e sókè tàbí kí a lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè bá wọn ná irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ó tún kan ẹ̀yáwó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yáwó tó sì kú, àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ló ń san gbèsè náà. Mo ti rí opó tí kò lè wo ojú onídùúró ọkọ rẹ̀ mọ́ lọ́jà. Adójútòfò wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó yáwó bá kú, òun ló máa san èyí tó kù, a sì lè yọ owó rẹ̀ lára ẹ̀yáwó lọ́jọ́ tí a bá kà á fún un. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ọ́fíìsì kan rí, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Kí ìjọba pàṣẹ pé ojú ewé tábìlì ni kó jẹ́ iwájú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá fún àwa tí a wà níhìn-ín. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú tó bá bá èèyàn kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Títí wọn ó fi ṣe é, ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba adójútòfò kó mú ìwé náà wá kó tó sanwó, a ó jọ kà á.

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
Ìbàdàn.