Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ẹ fi ń dúró díẹ̀ kí ẹ tó gba kóòdù mìíràn

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àdúrótì wa.

Ohun tí ẹ ń bi wá léèrè jù báyìí ni ti kóòdù tí a ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín kí ẹ tó wọlé sórí áàpù wa. Ẹ ní kí ló dé tí bọ́tìnnì “Tún un fi ránṣẹ́” kì í fi í ṣeé tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ló sì dé tí kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ó tọ́ kí a là á yé yín.

Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà yín tán, sẹ́fà wa á ṣẹ̀dá kóòdù onínọ́ńbà 6, á sì fi lé ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn yẹn á gbé e fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá wá fóònù yín kàn. Bí fóònù bá wà ní pípa, tàbí tí ẹ wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, wọ́n á tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, wọ́n á máa gbìyànjú títí á fi wọlé tàbí títí àsìkò rẹ̀ á fi kọjá. Ibẹ̀ ló ti sábà máa ń pẹ́. Bí ẹ bá tún bọ́tìnnì tẹ̀, kò ní mú kí èyí tó wà lọ́nà yára. Òmíràn ló kàn máa tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 10 ni kóòdù kọ̀ọ̀kan ní. Àtìgbà tí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ la ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá lo ìṣẹ́jú 7 lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú 3 ló kù fún yín. Aago sẹ́fà wa la fi ń kà á, nítorí náà bí aago fóònù yín bá ṣáájú tàbí tó rẹ̀yìn, kò ba nǹkan kan jẹ́. Bí ẹ bá ti lo kóòdù lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Bí ẹ bá sì béèrè òmíràn, ti tẹ́lẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kódà bí ìṣẹ́jú 10 rẹ̀ ò tíì pé.

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ yín sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó béèrè kóòdù ní aago 8:00. Kò rí nǹkan kan. Ó tẹ “Tún un fi ránṣẹ́” ní 8:01, ó tún tẹ̀ ẹ́ ní 8:03. Nígbà tó di 8:04, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ dé, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kí wọ́n dé bí a ṣe rán wọn tẹ̀léra. Ti kẹta lè kọ́kọ́ wọlé, kí ti kejì wá bọ́ sókè pátápátá. Ó tẹ èyí tó rí lókè, áàpù ní kò tọ̀nà. Ó rò pé ọwọ́ òun ló ṣì í, ó tún un tẹ̀. Ó wá gbìyànjú ti àkọ́kọ́. Ó ti ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kóòdù tó dára wà lójú rẹ̀ kedere. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ipò kóòdù sínú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí:

```
Koodu keta: 481920
Iseju 10 lo ni. E ma so o fun enikeni.
```

Áàpù náà á sọ fún yín pé kóòdù kẹta lòun ń retí. Èyí tó bá bá a mu ni kí ẹ tẹ̀. (Ó dùn mí pé kò sí àmì ohùn níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí àmì wa bá ti wọ inú rẹ̀, 70 ló kù, ọ̀rọ̀ tó bá fi díẹ̀ gùn ju èyí lọ lè di àtẹ̀jíṣẹ́ méjì.)

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ lè ṣi kóòdù kan tẹ̀ kó tó kú. Láti 000000 dé 999999, mílíọ̀nù kan ni kóòdù tó lè wà. Ẹni tó bá ń méfò lẹ́ẹ̀marùn-ún ní àǹfààní 1 nínú 200,000, ìyẹn kéré. Àmọ́ bó bá lè máa béèrè kóòdù tuntun bó ṣe wù ú, kóòdù tuntun kọ̀ọ̀kan á tún fún un ní ìméfò 5 mìíràn, á sì máa bá a lọ títí yóò fi bá a. Nítorí náà, ẹ máa dúró fún ìṣẹ́jú 1 kí ẹ tó béèrè ìkejì, ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó béèrè ìkẹta, ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn ìyẹn, a kì í sì í fi ju 5 lọ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan láàárín wákàtí kan. Bí àṣìṣe lórí nọ́ńbà kan bá pé 10 lọ́jọ́ kan, bó bá tilẹ̀ jẹ́ orí kóòdù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a máa ti ìlẹ̀kùn fún wákàtí 24.

Ìwà jìbìtì mìíràn wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àkáǹtì yín rárá. Owó là ń san lórí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí a bá rán. Àwọn gbájúẹ̀ kan máa ń gba ọ̀wọ́ nọ́ńbà rẹpẹtẹ, wọ́n á lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ẹnì kan tó ń rí owó lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọ àwọn nọ́ńbà ọ̀hún, wọ́n á wá fi ètò kọ̀ǹpútà béèrè kóòdù lọ́dọ̀ irú wa láìdúró. Ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn: ní oṣù Kejìlá 2022, Elon Musk sọ pé nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là ni irú èyí ń gbà lọ́wọ́ Twitter lọ́dún. Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ ni pé àwọn nọ́ńbà náà máa ń tò tẹ̀léra, bí èyí tó parí sí 01, 02, 03, kò sì sẹ́ni tó ń padà wá tẹ kóòdù tí a rán. Oníbàárà gidi tó bá béèrè kóòdù sábà máa ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òté lórí nọ́ńbà nìkan kò lè dá wọn dúró. A ní láti fi òté sórí ọ̀wọ́ nọ́ńbà, àti sórí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìbéèrè ti ń wá. Ibí yìí ló ti lè kan yín láìṣẹ̀ láìrò, torí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lè máa lo àdírẹ́sì kan pọ̀ ní ọ́fíìsì tàbí nílé ìwé. Bí áàpù bá sọ pé ìbéèrè ti pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣì béèrè, ẹ pa Wáìfáì, ẹ lo dátà orí fóònù yín, ẹ tún un gbìyànjú.

Bí kóòdù tí ẹ ò béèrè bá wọlé, ẹnì kan ló tẹ nọ́ńbà yín, ó lè ṣèèṣì, ó sì lè mọ̀ọ́mọ̀. Kò lè fi ṣe nǹkan kan láìjẹ́ pé ẹ ka kóòdù náà fún un. Bí ẹnì kan bá wá pè yín pé ọ̀dọ̀ wa lòun ti ń pè, kí ẹ jọ̀ọ́ ka nọ́ńbà tó wọlé, ẹ pa fóònù. Kò sí òṣìṣẹ́ wa tó nílò rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè rí i: àmì tí sẹ́fà fi ìṣirò yọ láti inú kóòdù la ń tọ́jú, kì í ṣe kóòdù náà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ jáwọ́ nínú láìnì kan, ẹ kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ yí nọ́ńbà yín padà sí tuntun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí wọ́n bá ti pa tì, ẹni yẹn ni kóòdù yín á sì máa lọ bá. Bí láìnì bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín ná, ẹ má béèrè kóòdù lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ pè wá, a ó fi ìwé ohun tí ẹ ti rà mọ̀ pé ẹ̀yin ni, a ó sì bá yín yí i padà.