Lẹ́tà sí Àjọkẹ́: nígbà tí rikúrútà bá ní àwọn máa fi ọ́ sínú páìpù

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Lẹ́tà tí iléeṣẹ́ apínẹrù yẹn kọ sí ọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè méjì lo bi mí: kí ni wọ́n ń sọ gan-an, ṣé ó sì yẹ kí o fèsì? Wọ́n kọ̀ ọ́, ìyẹn ò láríyànjiyàn. Irú kíkọ̀ tó jẹ́ ló yẹ ká wò, torí òun ló máa sọ irú èsì tí wàá kọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Má fi òwe yẹn ka lẹ́tà rikúrútà, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn kì í sábà ní àbọ̀ kejì níbì kankan, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹnu èèyàn ló ti jáde. Iléeṣẹ́ tó bá tóbi díẹ̀ máa ń lo ètò kọ̀ǹpútà bíi Greenhouse tàbí Workday láti fi to àwọn tó ń wáṣẹ́. Bí rikúrútà bá fẹ́ kọ ẹnì kan, á tẹ bọ́tìnnì, á mú ìdí kan nínú èyí tí wọ́n ti tò kalẹ̀, ètò náà á sì gbé lẹ́tà tí wọ́n ti kọ tipẹ́ jáde, á fi orúkọ onítọ̀hún bọ̀ ọ́. Inú ètò ni ìdí tó mú yẹn ń gbé, kì í bá lẹ́tà jáde. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n kọ sí ọ, "move forward with other candidates", pé àwọn mìíràn ni àwọn ń bá lọ, kò ju "rárá" lọ. Kódà ibi tí wọ́n ti ní orí àwọn wú sí ohun tí o ti ṣe, ara lẹ́tà àkọsílẹ̀ náà ni. Ẹni tí wọn ò tíì rí rí náà ń gbà á.

Ohun tí kò lè sí nínú lẹ́tà àkọsílẹ̀ ni kí o máa wá. Nínú tìrẹ, ìpínrọ̀ kìíní kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wo ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí obìnrin rikúrútà tó kọ ọ́ ti sọ pé ọ̀nà tí o gbà ṣàlàyé ọjà tó ń pẹ́ nílé ìkẹ́rù, nígbà intáfíù kẹta, yé àwọn dáadáa. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Èèyàn jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Tún wo àdírẹ́sì tó fi ránṣẹ́: orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe `no-reply`. Ohun méjì yìí ló jẹ́ kí n sọ pé fèsì. Ká ní sífì nìkan lo fi ránṣẹ́, tí lẹ́tà náà sì ti àdírẹ́sì tí kì í gba èsì wá, ǹ bá ní kí o pa á dé kí o kọjú síbòmíràn.

O tún ń ṣàròyé pé àyè kan ṣoṣo ni wọ́n kéde, kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní "àwọn mìíràn"? Níbi tí wọ́n ti ń yẹ sífì wò, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà: èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n ń mú lọ síbi intáfíù. Bí lẹ́tà kan náà bá wá dé lẹ́yìn intáfíù ìkẹyìn, ó lè jẹ́ pé wọn ò wulẹ̀ yí i padà ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí wọ́n mú kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lè là á fún ọ. Ọjọ́ ló máa ń là á díẹ̀. Iléeṣẹ́ kì í fẹ́ tú ẹni tó ṣe ipò kejì sílẹ̀ títí ẹni àkọ́kọ́ á fi gbà. Nítorí náà, bí wọ́n bá dákẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn intáfíù ìkẹyìn kí wọ́n tó kọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kí o ti wà nípò kejì. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni tìrẹ gbà. Má kà á sí ẹ̀rí pátápátá o, torí ọ̀gá tó lọ síbi ìsinmi náà lè fa irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Lẹ́tà kíkọ̀ tó dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí o tẹ sífì ránṣẹ́, bíi ti báńkì tí o sọ, ó sábà máa ń jẹ́ ìdáhùn rẹ sí ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ló fà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń kó àwọn èèyàn wa jù ni ìbéèrè pé ṣé wàá nílò onígbọ̀wọ́ físà nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú. O dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ètò ti ilẹ̀kùn. Òótọ́ náà ni kí o máa dáhùn, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti ṣe onígbọ̀wọ́ wà lójú òpó ìjọba, gov.uk, lọ́fẹ̀ẹ́. Wò ó kí o tó fi wákàtí méjì kọ fọ́ọ̀mù.

Ó wá ku páìpù. "We'd love to keep you in our pipeline," ìyẹn ni pé wọ́n á fẹ́ máa tọ́jú orúkọ rẹ de iṣẹ́ mìíràn. Àwa tí a gbọ́njú bá páìpù omi ìjọba mọ̀ pé kí páìpù wà nílẹ̀ ọ̀tọ̀, kí omi yọ ọ̀tọ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà wọn, àmì lásán ni páìpù yìí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ. Kì í dún bí aago nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá yọ. Àfi kí rikúrútà fúnra rẹ̀ rántí láti wá inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ iṣẹ́, ìlú àti ọgbọ́n tí èèyàn ní ni yóò tẹ̀ láti fi wá a. Lẹ́yìn náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n tọ́jú ìsọfúnni ẹni ju ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ lọ, torí náà ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń pa fáìlì àwọn tí wọn ò gbà rẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Àwọn kan máa ń kọ̀wé béèrè bóyá kí àwọn ṣì máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn èèyàn a rò pé ìpolówó ni, wọ́n á pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jáde nínú páìpù láìmọ̀.

Ti alágbàtà yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀. Alágbàtà ń gba ìpín kan nínú owó oṣù ọdún kìíní ẹni tó bá mú wá, nítorí náà ọjà ni sífì rẹ jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nídìí láti rántí rẹ bí iṣẹ́ tó bá ọ mu bá wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni àdéhùn wọn ní kó dá lára owó náà padà bí òṣìṣẹ́ tuntun bá kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dáa kí o mọ ìyẹn, torí àyè tí wọ́n fún ẹlòmíràn lè tún ṣí. Iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí Civil Service bá kọ̀wé pé o wà lórí "reserve list", o ti yege nìyẹn, àyè ni kò tó, wọ́n sì lè pè ọ́ láàárín oṣù méjìlá láìsí intáfíù mìíràn fún irú iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí páìpù tó lómi.

Ó yá, èsì. Rikúrútà náà ni kí o kọ ọ́ sí, lábẹ́ ímeèlì tó kọ, kí ìtàn yín má bàa já, láàárín ọjọ́ méjì. Má kọ sí àwọn mẹ́rin tó fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lórí LinkedIn. Wọ́n á fi han ara wọn. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, kí o fi Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ gbé e, torí bí mo bá kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún ọ, ohùn mi ni wọ́n máa gbọ́:

"Mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, inú mi sì dùn pé àlàyé mi lórí ọjà tó ń pẹ́ nílé ìkẹ́rù wúlò. Bí ẹ bá lè fi ìlà kan ràn mí lọ́wọ́: nínú ìdánwò SQL àti àlàyé tí mo ṣe níwájú ìgbìmọ̀, èwo ló yẹ kí n túbọ̀ mú gírí? Ẹ ní ẹ máa fi mí sínú páìpù. Iṣẹ́ ayẹ̀wò ìsọfúnni ní ẹ̀ka ìkẹ́rù tàbí ti ìrajà ni mo ń wá, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo sì fi ń sọ fún ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀ kí n tó kúrò. Màá tún kọ̀wé sí yín níparí oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí mo bá parí iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ lórí àsọtẹ́lẹ̀ ìbéèrè ọjà."

Gbólóhùn márùn-ún péré. Wo ìkejì dáadáa. Kò béèrè pé "kí ló dé tí ẹ ò fi gbà mí?" Ìbéèrè yẹn ń ba rikúrútà lẹ́rù, torí ohunkóhun tó bá fi dáhùn lè di ohun tí wọ́n á gbé lọ sí kóòtù, nítorí náà lẹ́tà àkọsílẹ̀ mìíràn ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí o bá wá gbé ohun méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni, ó lè fi ọ̀rọ̀ márùn-ún dáhùn lórí fóònù. Ìkẹrin kó gbogbo ohun tó lè fi wá ọ rí sójú kan. Tọ́jú ìkíni gígùn wa àti "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mi" sílé. Lọ́dọ̀ tiwa ọmọlúàbí ni, lójú tiwọn ó dà bíi pé o fẹ́ fi àánú mú wọn.

Bí ọjọ́ iṣẹ́ méje bá kọjá láìsí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, má tún un bi. Ọjọ́ tí o dá ni kí o kọ̀wé, kí ohun tuntun kan sì wà nínú rẹ̀. "Mo kàn ní kí n yà kí yín" ò lè mú kí ẹnikẹ́ni ṣí fáìlì rẹ. Bí ìyẹn náà ò bá lésì, gbé wọn jù sílẹ̀.

O mẹ́nu ba òfin tó fún ọ láṣẹ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ lásìkò intáfíù. Lóòótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni wọ́n sábà ní láti fi dáhùn. Àmọ́ bí irú lẹ́tà yẹn bá dé, àwọn tó mọ òfin ni wọ́n máa gbé e fún, obìnrin náà kò sì ní lè bá ọ sọ̀rọ̀ bí èèyàn mọ́. Bí o bá fura pé wọ́n fi ẹ̀yà tàbí oyún dù ọ́ ni kí o lò ó. Kò sí irú rẹ̀ nínú tìrẹ.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú: o ní o ti dá intáfíù iléeṣẹ́ kejì dúró nítorí páìpù yìí. Pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, kí o ní o ti ráyè. Fi èsì tí o bá kọ hàn mí kí o tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́