Nígbà tí ọ̀gá bá ní ìtàn rẹ ń falẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti ka ìtàn tí o fi sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ kọ sí ìdí rẹ̀ le lóòótọ́: "Ìtàn yìí ń falẹ̀, kò sì sí ẹ̀mí nínú rẹ̀." Ó dùn mí fún ọ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì pa ohunkóhun rẹ́.

Bí ìgbà tí aláìsàn ń sọ pé ara ń ro òun ni ọ̀rọ̀ "ń falẹ̀" rí. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sọ ibi tí àìsàn wà. Ìwọ ni wàá wá a. Fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Kì í ṣe ohun tí ìpínrọ̀ náà sọ o. Ohun tó yí padà ni. Mo ṣe é fún ìpínrọ̀ 11 àkọ́kọ́. Ilẹ̀ mọ́, a rí ilé, a gbọ́ nípa ìgbà èwe Àdùkẹ́ àti ìgbéyàwó rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó yí padà títí dé ìpínrọ̀ 8, níbi tí ìwé ti dé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ta ilé bàbá wọn. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá kàn ń gé gbólóhùn kúrú káàkiri, ìpínrọ̀ méje tí nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀ á kúrú ni, wọn ò ní yára. Bí o bá sì kó gbogbo wọn dànù, òǹkàwé ò ní mọ ìdí tí títà ilé náà fi dun Àdùkẹ́. Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti 8, kí o sàmì sí ibi tí òǹkàwé á ti béèrè pé "kí ló dé?" Méjì péré ni mo rí. Pé bàbá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé náà, gbólóhùn kan ti tó, nígbà tí ìwé wà lọ́wọ́ Àdùkẹ́. Pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, jẹ́ kó jáde nínú àríyànjiyàn wọn.

Ní ti "kò sí ẹ̀mí," ka iye ìgbà tí o kọ "inú bí i" sí ojú ewé kẹta: mẹ́fà. O kọ ọ́ pé: "Nígbà tí Àdùkẹ́ ka ìwé náà, inú bí i gidigidi." Wò ó báyìí: "Àdùkẹ́ ka ìwé náà tán, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì." Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí bí ọwọ́ àti ojú bá ń ṣe nǹkan ní gbogbo ìlà, á tún sú èèyàn. Yí méjì padà, fi ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì yọ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti fi ìbínú hàn tẹ́lẹ̀.

Tí o bá ń dá ìtàn náà padà fún ọ̀gá rẹ, má béèrè bóyá ó ti dára. Ní kí wọ́n fi bírò fa ìlà sí ibi tó ti kọ́kọ́ ṣe wọ́n bíi pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Bí ìlà náà bá bọ́ sí ẹ̀yìn ìgbà tí ìwé ti dé ọwọ́ Àdùkẹ́, a jẹ́ pé ibòmíràn ni àìsàn náà wà, kí o fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí mi kí a jọ tún un wá.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́