Iyọ̀ kọ́ ló ń mú aró di aṣọ mú

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ń ráhùn nípa àdìrẹ rẹ, ẹ̀rín pa mí. Má bínú o, ohun tó ti ṣe èmi náà rí ni. O ní o rẹ aṣọ náà láró tán, o tún rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti fínẹ́gà mọ́jú kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí, síbẹ̀ kí o tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, pupa tó ń ta yanran ti di ràkọ̀ràkọ̀. O wá ń bi mí bóyá iyọ̀ náà ni kò tó.

Iyọ̀ tó. Kò sí bí o ṣe lè dà á sí i pọ̀ tó tí yóò ṣe iṣẹ́ tí o gbé fún un.

Lọ́dún tí tèmi bàjẹ́, inú bí mi débi pé mo gé aṣọ òwú funfun kan sí ọ̀nà mẹ́rin, mo sì da aró pupa kan náà lé gbogbo wọn. Aró lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń kọ MX sí ara ike rẹ̀ ni, èyí tí àwọn tó ń ṣe àdìrẹ aláwọ̀ púpọ̀ fẹ́ràn. Èkíní, n kò fi nǹkan kan sí i. Èkejì, mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ lẹ́yìn aró. Ẹ̀kẹta, fínẹ́gà. Ẹ̀kẹrin nìkan ni mo kọ́kọ́ rẹ sínú omi sódà áàṣì kí aró tó kàn án. Mo fi ọ̀rá wé wọn mọ́jú, mo sì fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mẹ́ta àkọ́kọ́ di bákan náà, ràkọ̀ràkọ̀ bí tìrẹ. Ká ní n kò fi òwú sàmì sí etí wọn ni, n kì bá tí mọ èyí tó jẹ iyọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń nu gíláàsì ojú mi. Pupa ni títí di òní.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú omi, ara òwú àti ara aró máa ń ti ara wọn sẹ́yìn, bí etí mágínẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra. Iyọ̀ ló ń bá wọn parí ìjà náà, tí aró á fi lè sún mọ́ òwú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn sún mọ́ ara ẹni kì í ṣe ìgbéyàwó. Sódà áàṣì ló ń so wọ́n pọ̀: ó ń sọ omi di ọ̀tá kíkan, ó sì ń jí ara òwú, kí aró lè wọ inú rẹ̀ kí ó di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Fínẹ́gà ní tirẹ̀ kan, nítorí náà ṣe ni ó ń ba iṣẹ́ sódà jẹ́. Irun àgùntàn àti sílíìkì ni fínẹ́gà ń ṣe lóore, pẹ̀lú aró tiwọn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣáko wá sọ́dọ̀ àwa olówùú.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ tún un ṣe, kọ́kọ́ fa òwú kan yọ lára aṣọ náà, kí o ṣáná sí i. Bó bá jó bíi bébà, tó rùn bíi bébà, tó sì di eérú, òwú ni. Bó bá yọ́ tó sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré, pọliẹ́sítà wà nínú rẹ̀, aró yìí kò sì ní mú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ náà, kí sitáàṣì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ lè kúrò. Di í bí o ṣe ń di í.

Wọn sódà áàṣì gíráàmù 60 sí lítà kan omi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o lò, kí o sì máa fọ́n ọn sí i díẹ̀díẹ̀ bí o ti ń rò ó. Bí o bá da omi lé e lórí lójijì, á dì bí òkúta sí ìsàlẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà o. Rẹ aṣọ náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí o fún omi ara rẹ̀ dànù, má fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni kí o wá po aró: ṣíbí tíì méjì sí 250 mìlílítà omi, ìlọ́po méjì fún dúdú. Fi ìbòmú tí ń dènà eruku bo imú nígbà tí o bá ń wọn ọ́n, torí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò dára fún èémí, má sì lo ìkòkò tí o fi ń se oúnjẹ.

Má po aró pọ̀ mọ́ sódà sílẹ̀ kí o lọ sùn. Ibi tí èmi kọ́kọ́ ti kọsẹ̀ nìyẹn. Tí méjèèjì bá pàdé, aró náà kì í dúró de òwú, omi gan-an ló máa gbé níyàwó, kò sì ní sí ohun tó kù fún aṣọ. Ó ṣì máa pupa nínú ike o, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti tán.

Da aró sí i, fi ọ̀rá wé e kó má gbẹ, kí o fi sí ibi tó móoru di ọjọ́ kejì. Bí ibi tí o wà bá ń tutù báyìí, gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ amúlémóoru. Bí kò bá tó nǹkan bí 21°C, iṣẹ́ náà á falẹ̀ gan-an.

Omi tútù ni kí o kọ́kọ́ fi ṣàn án, títí sódà yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà ni kí o fi omi gbígbóná gan-an àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, léraléra, torí aró tó kàn fara ti òwú láìdì mọ́ ọn gbọ́dọ̀ jáde. Láti mọ̀ bó bá ti tán, rẹ aṣọ náà sínú omi gbígbóná nínú abọ́ funfun fún ìdajì wákàtí. Bí omi náà bá ṣì ń pọ́n, tún un fọ̀.

Iyọ̀ ní ibi tirẹ̀ o: bí o bá fẹ́ rẹ odindi aṣọ ní àwọ̀ kan ṣoṣo nínú báfù ńlá, níbi tí aró ti fẹ́ sọnù sínú omi. Níbẹ̀, iyọ̀ á kọ́kọ́ wọlé, sódà á tẹ̀lé e lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

O tún béèrè nípa álọ́ọ̀mù. Ti aró ewé àti èèpo igi nìyẹn, kò kan MX rárá. Òwú kì í sì í fẹ́ràn álọ́ọ̀mù bí irun àgùntàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ó yẹ kí o kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi tó ń mú ahọ́n so, kí o tó fi álọ́ọ̀mù sí i, kí aró tó dé. Àní atalẹ̀ pupa tó rọrùn yẹn, fi álọ́ọ̀mù sí i bí o ti fẹ́, oòrùn á ṣì fọ̀ ọ́ nù. Ẹlú kò tilẹ̀ nílò nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Èyí tó ti ṣí yẹn, n kò lè tàn ọ́, kò sí ohun tí o lè rẹ ẹ́ sí tí yóò dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Fọ ìyókù aró tó wà lára rẹ̀ nù, kí o tún un rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tó wà lára ike aró rẹ ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń sè pẹ̀lú iyọ̀ nìkan, tí kò mẹ́nu ba sódà rárá, má wulẹ̀ fi sódà ṣòfò lé e. Irú aró yẹn kì í dì mọ́ òwú dáadáa, omi tútù nìkan ni o ó máa fi fọ̀ ọ́ títí tó fi máa gbó.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyábọ̀