Sí Ẹ̀yin Tí Ìjà Kan Náà Ń Padà Wá Bá

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ ti jọ wà fún ọdún mélòó kan, tí ẹ wá rí i pé ìjà kan náà lẹ máa ń jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń dá a sílẹ̀ ń yí padà.

Mo bá tọkọtaya kan dá sí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ọkọ ní òun á dé ní aago méje, aago mẹ́sàn-án ló dé, kò sì fi ìpè kankan ránṣẹ́. Aya ti pè é nígbà méje. Bí ó ti wọlé ni aya ní, "O ò tiẹ̀ ka èmi sí." Ọkọ ní kò sí nǹkan kan, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé, aya tẹ̀ lé e, ó ń kan ilẹ̀kùn. Bí obìnrin náà ṣe ń kàn án tó ni ọkùnrin náà ń dákẹ́ sí i.

Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá méjì, Cindy Hazan àti Phillip Shaver, fi hàn pé bí ọmọdé ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ náà ni àgbàlagbà ń rọ̀ mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀. Ọkàn aya yìí ń bẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀, nítorí náà ariwo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti wádìí bóyá ẹnìkejì ṣì wà níbẹ̀. Ti ọkọ ń sá fún ìsúnmọ́ra nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, nítorí ó ti kọ́ tipẹ́ pé òun nìkan ni òun lè fi ara tì. Ẹ má rò pé ẹni tó dákẹ́ kò mọ nǹkan lára. Àyà rẹ̀ lè máa lù kìkì bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ tutù. (Nílé ẹlòmíràn, aya ló ń sá, ọkọ ló ń lépa.)

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ náà ń bínú, àmọ́ ó máa ń sọ ìgbà tí yóò padà. Ohun tí mo ní kí ọkọ yìí kọ́ nìyẹn: "Orí mi ti gbóná. Jẹ́ kí n sinmi fún ìṣẹ́jú 30. Màá wá bá ọ ní aago mẹ́wàá." Ara tó ti ru sókè kì í rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sábà máa ń tó ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni náà bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì lọ́kàn. Nígbà tí aago bá lù, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó jáde. Bí aya bá ní láti lọ pè é, ẹ̀rù rẹ̀ ti jàre nìyẹn. Aya náà kọ́ láti sọ pé, "Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ," dípò ẹ̀sùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ó tó jókòó jẹ́ẹ́ títí aago mẹ́wàá láìlọ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì bá ń lù yín, tàbí ó ń purọ́ fún yín léraléra, ẹ má pe ìbẹ̀rù yín ní ìwà àbínibí. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù wà níwájú yín gan-an.