Ìdajì Ife Óòtì, Ife Omi Kan

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O ní óòtì tí o ń sè láàárọ̀ kò dúró lójú kan: lónìí á ṣàn, lọ́la á le mọ́ ṣíbí. Ojú lásán ni o fi ń wọn omi. Mú ife kan, kí o máa fi òun náà wọn óòtì àti omi.

Wo ara páálí ná, nítorí irú óòtì ló ń sọ iye omi. Èyí tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, ife kan rẹ̀ ń gba omi ife méjì, á sì jinná ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Èyí tí wọ́n tẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì gé wẹ́wẹ́ ń gba bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ti tó o. Èyí tí wọ́n kàn gé hóró rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ ń gba omi ife mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú 20 kó tó rọ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi.

Ká ní pẹlẹbẹ ni tìrẹ, tí ìwọ nìkan fẹ́ jẹ ẹ́. Ìdajì ife óòtì, ife omi kan. Tí o bá fẹ́ wàrà, inú ife kan yẹn ni kó ti wá: omi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wàrà ìdá kan tó kù. Má fi wàrà bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ń jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, ó sì ń ru sórí sítóòfù. Jẹ́ kí omi hó pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ (ṣúgà kò lè ṣe iṣẹ́ iyọ̀ o), da óòtì sí i, kí o dín iná kù. Máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àròjù ló ń mú kó fà bíi gọ́ọ̀mù. Tó bá tó ìṣẹ́jú 4, da wàrà sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á dúró títí yóò fi ki bí wọ́n ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó paná. Óòtì ṣì ń fa omi lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná. Fi ṣíbí fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ìlà náà bá là tó sì rọra padé, paná, dé e fún ìṣẹ́jú 2. Bí kò bá padé mọ́, ó ti kọjá. Fi omi gbígbóná là á, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn tí o dé e, dá a padà sórí iná kékeré láìdé e. Má bu óòtì tútù kún un, kò ní jinná bá ti àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, jẹ́ kí omi dín díẹ̀ ní ìlọ́po méjì óòtì, torí ooru kì í gbé omi ìkòkò ńlá lọ tó ti kékeré.

Bí o bá ti bù ú tán, omi tútù ni kí o rẹ ìkòkò náà sí, kì í ṣe gbígbóná, ìdí rẹ̀ á sì ṣí fúnra rẹ̀ kí o tó jẹun tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ