Àjọkẹ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé yẹn

Àjọkẹ́ ọmọ mi, àsàlámù àlékùn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ 3 báyìí tí mo ti ń pè ẹ́, fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Màmá ẹ ní kí n fi ẹ́ lọ́rùn sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ pé ìwé tí wọ́n ní kó o kọ fáwọn pọ́tà tuntun ti parí, pé ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ máa gbé e lọ fáwọn tó ń tẹ̀wé. Ṣé bó ṣe yẹ kí n gbọ́ nìyẹn? Èmi tí mo fi ọdún 21 ti tírọ́lì aláìsàn nínú ọsibítù, ẹnu ẹlòmíì ni mo ti wá gbọ́ pé ọmọ mi ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ mi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Ewúrẹ́ ti bí, abo méjì. Orókún màmá ẹ san díẹ̀. Páànù yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, owó tí àbúrò ẹ ní òun máa fi ránṣẹ́ ò tíì dé.

Ẹ̀gbọ́n ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí wásáàpù mi, mo wọ jígí, mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. O ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á fún ẹ lókun si. Ibi tí o ti ṣàlàyé pé kí wọ́n há bíréèkì tírọ́lì kí aláìsàn tó gòkè tàbí kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó dáa. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni ojú ewé 9, níbi tí o kọ pé "Pọ́tà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ìdánimọ̀ aláìsàn bá àkọsílẹ̀ mu kí ìgbékalẹ̀ tó wáyé." Àjọkẹ́, ta lo kọ ìyẹn fún? Dókítà ni àbí pọ́tà? Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi gbé ohun tó léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn kọjá, kó o tó wá lo ojú ewé méjì lórí aṣọ iṣẹ́ àti bàtà.

Mi ò fẹ́ kó o rò pé mo kàn ń ṣàríwísí, ìdí nìyẹn tí mo fi dán an wò. O rántí Ràsákì, ọmọ ilé kejì wa tó fiwé sílẹ̀ ní pámárì 4? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ pọ́tà ní ọsibítù kan ni. Mo pè é wá lọ́jọ́ Àlàmísì, mo fún un ní ojú ewé 9 yẹn. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ẹ̀ ń mì, òógùn bo imú ẹ̀. Nígbà tó dé "ìgbékalẹ̀" ó dúró, ó gbójú sókè wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó yé ẹ? Ó ní bẹ́ẹ̀ni bàbá, ó yé mi dáadáa. Mo wá ní ó dáa, àbúrò ẹ tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní yìí ni aláìsàn, wá gbé e lọ síbi ẹ́sírè. Ló bá lọ dúró tì í, ló ní "Ṣé ìwọ ni Ṣèríífù?" Ọmọ yẹn kì í ṣe Ṣèríífù o, ṣùgbọ́n ó ń ṣeré, ó ní bẹ́ẹ̀ni, ni Ràsákì bá tẹ̀ ba láti gbé e.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe nítorí Ràsákì, nítorí bẹ́ẹ̀ni yẹn ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀ni fún mi pé ó yé òun, ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀ni fún un pé òun ni Ṣèríífù, kò sí òótọ́ nínú méjèèjì. Mo mọ ohun tí bẹ́ẹ̀ni lè ṣe, Àjọkẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ rí, mi ò sọ ọ́ fún màmá ẹ gan-an.

Ṣé o rántí nígbà tó o wà ní pámárì 3, tí mo máa ń mú lẹ́tà àti ìwé ìròyìn wá sílé, tí màá ní kó o kà á sí mi létí, pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá owó ilé ìwé tí mò ń san ò ṣòfò? Mi ò mọ̀wé kà nígbà yẹn ni. Ọdún kẹjọ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni mo tó lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́sibítù, torí ohunkóhun tí wọ́n bá bi mí pé ṣé o ti kà á, bẹ́ẹ̀ni ni mo máa ń dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní kí n lọ gbé ìyá kan ní wọ́ọ̀dù obìnrin wá sí tíátà, bẹ́ẹ̀dì 7, Àíṣátù lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ti fún mi ní fáìlì ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé òjò ti wọ ojú fèrèsé mọ́jú, pé wọ́n ti sún ìyá yẹn lọ sí bẹ́ẹ̀dì míì, ẹlòmíì ló wà lórí 7. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni Àíṣátù?" Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ẹn. Àíṣátù lòun náà ń jẹ́ lóòótọ́, ìwọ náà mọ iye Àíṣátù tó wà ní Ìlọrin, bó o bá pe orúkọ yẹn ní ọjà Ìpàtà èèyàn mẹ́wàá á dáhùn. Mo gbé e sórí tírọ́lì, mo gbé fáìlì lé e lẹ́sẹ̀, ó di tíátà.

Ẹnu ọ̀nà tíátà ni nọ́ọ̀sì kan ti dá wa dúró. Kò pè é lórúkọ. Ó ní "Màmá, kí lorúkọ yín àti ti bàbá yín?" ó wá dákẹ́, ó ń wò ó lẹ́nu. Orúkọ bàbá yàtọ̀. Ó gbá ọwọ́ ìyá náà mú, ó wo pílásítà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ó wo fáìlì tí mo gbé wá. Ọ̀kan parí sí 16, èkejì sí 61. Ó ní kí n dá a padà.

Ìyá tó yẹ kí n gbé ti wà láìjẹ láìmu láti alẹ́ àná. Kí wàhálà yẹn tó yanjú, wọ́n ti fi ẹlòmíì sí àyè ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rí i níbi tó ti ń mu omi níṣẹ̀ẹ́jú tí wọ́n sọ fún un, omijé ń já sínú kọ́ọ̀bù. Nígbà tí métírọ̀ọ̀nù wá bi mí pé ta ló nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì yẹn fún mi, mo ní nọ́ọ̀sì kékeré kan ni. Irọ́ ni, Àjọkẹ́. Mi ò bi nọ́ọ̀sì kankan. Ọmọdébìnrin yẹn ni wọ́n fún ní kúwẹ́rì, ó dúró níbẹ̀ ó ń sunkún, kò mọ ohun tó ṣe, èmi náà dúró, mi ò la ẹnu. Ó máa tó ìyá ẹ lọ́jọ́ orí báyìí, mi ò sì mọ ibi tó wà.

Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn jù nìyí: mi ò mọ lẹ́tà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Owó ni mò ń kà lójoojúmọ́, mo mọ nọ́ńbà mọ́tò, mo mọ ti fóònù. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé wo nọ́ńbà ọwọ́ ẹ̀, wo ti fáìlì, ǹ bá ti rí i. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ìwé tí wọ́n fún wa kún fún irú ọ̀rọ̀ ojú ewé 9 ẹ yẹn.

Jọ̀ọ́, tú u palẹ̀. Fún iṣẹ́ yìí ní ojú ewé tiẹ̀, lẹ́tà ńlá, ohun kan fún ìlà kan, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bá pọ́tà sọ̀rọ̀ tààrà, "béèrè," "wò," "dúró." Má pe wíṣíà ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é rí. Èmi ìbá kọ ọ́ báyìí:

"Kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì. Sọ ẹni tó o wá gbé. Ní kó tẹ̀ lé ẹ dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Bi aláìsàn pé: Kí lorúkọ yín àti ti bàbá yín? Dákẹ́ títí á fi dáhùn. Má pe orúkọ náà fún un. Wo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wo nọ́ńbà tó wà lára fáìlì. Fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, má gbé e. Pe nọ́ọ̀sì."

Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá fi nọ́ńbà méjì sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà, 204816 àti 204861, kí olùkọ́ ní kí wọ́n sọ bóyá ẹnì kan náà ni. Wàá rí àwọn tó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ni, torí wọ́n wo iwájú, wọn ò dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti kọ́ ọ. Kó o sì kọ ọ́ pé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe nọ́ńbà èèyàn, wọ́n ń sún bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀.

O ò mẹ́nu ba àwọn tí ò lè dáhùn rárá. Ẹni tó dákú ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Fúlàní tí ò gbọ́ Yorùbá, àgbàlagbà tí etí ẹ̀ ti di, tí yóò kàn rẹ́rìn-ín sí ẹ torí kò fẹ́ kó o rò pé òun ń yájú? Àwọn wọ̀nyẹn, nọ́ńbà ọwọ́ àti nọ́ọ̀sì ló máa jẹ́rìí wọn, kí wọ́n tún bi ẹbí tó ń tọ́jú ẹ̀ bó bá wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà ọwọ́ bá já tàbí omi ti pa á rẹ́, kí pọ́tà dúró kí nọ́ọ̀sì fi òmíì sí i. Wọ́n á pariwo láti tíátà pé ó pẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i pé kó dúró, torí pọ́tà tuntun ò ní láyà láti dá dókítà dúró bí ìwé ò bá gbè é lẹ́yìn.

Àti àwọn ìbéèrè tó o tò sẹ́yìn ìwé, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń dá aláìsàn mọ̀?", yọ gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni náà ni wọ́n máa sọ fún ẹ, bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ojú máa ń tini, ọmọ mi, pàápàá níwájú ẹni tó kàwé. Ní kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é kó o wò ó. Mo padà kọ àwọn ìlà mi yẹn sínú ìwé fún Ràsákì lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kà á, ó bi àbúrò ẹ̀ lórúkọ, ó dákẹ́. Àmọ́ ó gbàgbé nọ́ńbà, torí pé mo kọ́kọ́ kó nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ sí ìlà kan. Mo pín in sí méjì, ó ṣe é pé. Ìwọ náà wá èèyàn bíi mẹ́ta nínú àwọn tuntun yẹn, jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú ẹ kí ẹ tó tẹ ẹyọ kan.

Bóyá inú ẹ ò ní dùn sí bàbá ẹ mọ́ lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mo ti rò ó. Bó o bá fẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn àti ti nọ́ọ̀sì yẹn fún wọn fúnra mi, màá wọ mọ́tò ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀, màá jókòó síwájú wọn, màá sọ gbogbo ẹ̀, irọ́ tí mo pa náà. Màmá ẹ ti ń dín wàrà tí màá gbé wá, mi ò tíì sọ ìdí tí mo fi ń bọ̀ fún un, màá sọ ọ́ lálẹ́ òní. Pè mí lẹ́yìn ìṣáì. Má jẹ́ kí Mọ́ńdè bá ẹ.

Bàbá ẹ.